Ihò awo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

“Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màámi, tí wọ́n fa ìfun kékeré yọ sí apá ọ̀tún ikùn wọn. Ara tó yí i ká ti bó, ó ń ta wọ́n gan-an, àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti gba ìgbẹ́ kì í sì í lò tó ọjọ́ kan tó fi ń jò. Kí la lè ṣe sí i? Kí ni wọ́n sì lè máa jẹ?”

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Irú tiwọn ló wà lára èmi náà, ó sì ti pẹ́. Kí ẹ tó ra ìpara kankan, ẹ wọn ẹnu ìfun náà.

Ohun tó ń jáde látinú ìfun kékeré máa ń ṣàn bí omi, oje tó ń da oúnjẹ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá ti kan ara, ṣe ló máa ń jó o. Ẹni tí wọ́n fa ìfun ńlá tirẹ̀ yọ sí apá òsì kì í sábà rí ìyà yìí, torí ìgbẹ́ tirẹ̀ ti ń dì. Ẹnu ìfun máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á wá máa súnkì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tèmi fẹ̀ tó mìlímítà 38 nígbà tí mo kúrò ní ọsibítù, ó sì padà di 28. Ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n kó fún mi pé kí n máa fi gé ihò awo, ìyẹn pèlébé onígọ́ọ̀mù tó ń mú àpò lẹ̀ mọ́ ara, 40 ni wọ́n gé e sí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa yí padà. Mìlímítà 6 ara ló wà níhòòhò yíká ẹnu ìfun, tí ìgbẹ́ olómi ń bà lé tọ̀sán-tòru. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ló wọ̀n ọ́n, tó gé ihò náà sí 31, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í san. Kí ihò fi mìlímítà 2 sí 3 péré fẹ̀ ju ẹnu ìfun lọ. Ẹ máa tún un wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí kò fi ní súnkì mọ́.

Bí ẹ bá yọ awo, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ibi tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́ tàbí tó wú funfun. Bó bá yọ́ yíká ihò, ihò ló fẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ní kí màmá jókòó, ẹ óò rí i pé ara ká tàbí pé ó jin níbẹ̀. Òrùka gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fún un lẹ máa fi dí i. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ara tó ń jóná kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i, ó lè ṣí àwọ̀, ó sì lè máa dán fún omi. Bó bá ti ń ta wọ́n tàbí tó ń yún wọn lábẹ́ awo, ẹ yọ ọ́ kíá, kódà bí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Òwúrọ̀ kí wọ́n tó jẹun ló dára jù láti pààrọ̀ rẹ̀, torí ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ má lo òrí, fasilíìnì tàbí Dẹ́tọ́ọ̀lù: ọ̀rá kì í jẹ́ kí awo lẹ̀, Dẹ́tọ́ọ̀lù a sì tún jó ara tó ti bó. Ẹ jẹ́ kí ara gbẹ, ẹ wọ́n páúdà tí wọ́n ṣe fún un sí ibi tó tutù nìkan, ẹ gbọn ìyókù kúrò. Ẹ wá rọra fi oògùn olómi tó ń dáàbò bo ara, èyí tí kò ní ọtí nínú, tẹ orí rẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó lẹ awo. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè móoru, kó sì mú dáadáa. Kí wọ́n máa da ohun tó wà nínú àpò náà nù tó bá ti kún dé ìdámẹ́ta, torí ìwúwo rẹ̀ ló ń fa awo ya.

Ní ti oúnjẹ, ìrẹsì funfun, ẹ̀bà, iyán àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń mú kí ó ki, èyí tó ki kì í sì í tètè jò. Mínírà àti ohun mímu tó dùn gan-an ló máa ń jẹ́ kó ṣàn. Ní báyìí, kí wọ́n ṣì yẹra fún àgbàdo, àgbọn, ẹ̀pà àti ìṣù ọsàn, torí wọ́n lè dí ìfun. Tó bá yá, kí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ dán an wò, kí wọ́n sì rún un kúnná. Ẹ má dín omi wọn kù nítorí kí àpò má bàa kún o. Iyọ̀ ń bá ìgbẹ́ yìí lọ, nítorí náà omi nìkan kò tó. Ẹ ra omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ìgbẹ́ gbuuru ní kẹ́mísìtì. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn, tí ìtọ̀ wọn kéré tó sì dúdú, tàbí tí ohun tó ń jáde lójúmọ́ ju lítà kan àtààbọ̀ lọ, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Bó bá sì jẹ́ pé fún wákàtí mélòó kan nǹkan ò jáde rárá, tí inú ń lọ́ wọn tí wọ́n sì ń bì, ìfun ti dí nìyẹn. Ẹ má fún wọn ní oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo. Ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.