Kí Máṣíìnì Tó Wọ Pálọ̀ Onílé

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Odò Adó, l'Ádó-Èkìtì. Mo fẹ́ máa ránṣọ nínú pálọ̀ náà, torí owó ṣọ́ọ̀bù ju agbára mi lọ. Ṣé kí n sọ fún onílé ni, àbí kí n rọra bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́?”

Àbúrò mi, iṣẹ́ aránṣọ ò ní jẹ́jẹ́. Máṣíìnì á máa dún, oníbàárà á máa kan géètì. Lọ sọ fún onílé, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ bí èmi ṣe sọ tèmi.

Ní Ajílósùn ni mo ti kọ́gbọ́n. Mo ra iṣu mẹ́ta, mo lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá onílé, mo ní mo fẹ́ máa ránṣọ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa ṣe é, ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń rówó ilé san. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ọdún kejì, Bàbá papò dà. Àkọ́bí wọn dé láti Èkó, ó fa ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí yọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé “fún gbígbé nìkan”. N ò kà á lọ́jọ́ tí mo ń fọwọ́ sí i! Ó ní kí n kó máṣíìnì jáde tàbí kí n máa san owó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gún iṣu yẹn jẹ tán, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní sì ti wà ní sàárè.

Nítorí náà, wá ìwé àdéhùn tìrẹ jáde lónìí kí o kà á. Bí gbólóhùn yẹn bá wà níbẹ̀, má gbára lé “máa ṣe é” tí wọ́n fẹnu sọ. Lẹ́tà ni kí o kọ, ẹ̀dà méjì, kí ìwọ àti onílé fọwọ́ sí i, kí aládùúgbò kan ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé ẹni tó bá ń bójú tó ilé náà lẹ́yìn wọn á bọ̀wọ̀ fún un títí owó ilé rẹ á fi pé ọdún.

“Díẹ̀díẹ̀” tí mo sọ yẹn náà ò dáa. Bí onílé bá gbọ́ ọ, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ àti pátákó níta ni wọ́n máa fọkàn rí. Nínú lẹ́tà tí mo kọ nílé kejì, mo ní máṣíìnì kan ni, kò sí ọmọ iṣẹ́, kò sí pátákó, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́, n ò sì ní ránṣọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo tún ní màá tẹ́ rọ́bà táyà sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, kí ariwo rẹ̀ má baà máa dé yàrá kejì. Ìyẹn gan-an ló rọ Màmá onílé lọ́kàn.

Iná ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, pàápàá bí ilé bá ń lo mítà kan. Gbogbo ará ilé wa ń sọ pé máṣíìnì mi ló ń jẹ yúnìtì. Mo jókòó ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Mọ́tò kékeré ara máṣíìnì mi jẹ́ 100 wáàtì. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, kò ju yúnìtì mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù mi ńkọ́? 1,000 wáàtì ni. Bí ó bá fi wákàtí méjì gbóná lójúmọ́ láìdáwọ́ dúró, yúnìtì 52 ni. Òótọ́ ni pé ó máa ń pa ara rẹ̀ bí ó bá ti gbóná tó, nítorí náà kò ní tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ni olè inú ilé. Mo padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo sì ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà kékeré sí ojú wáyà yàrá mi. Lóṣooṣù, a jọ ń ka á, mo ń san tèmi. Ariwo dákẹ́.

(Ká ní irun lo fẹ́ máa ṣe ni, omi àti irun tó ń dí páìpù ni ǹ bá sọ. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣerun, ihò ìdọ̀tí ilé kún mọ́ ọn lórí, òun nìkan ló san owó tí wọ́n fi kó o.)

Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, má jà. Àwọn aránṣọ kan máa ń yá ènìyàn ní àyè máṣíìnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, kí o máa sanwó lóṣooṣù. Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sí irú àyè bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba kí n tó rí ilé kejì. Nílé, bọ́tìnì àti etí aṣọ nìkan ni mò ń fọwọ́ ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìró abẹ́rẹ́.