Lẹ́tà tí báǹkì máa kọ fún físà: bí o ṣe máa béèrè rẹ̀

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí ààyè ní yunifásítì kan ní ìlú ọba, físà ló kù. Wọ́n ní kí n gba sítéètìmẹ́ǹtì tí báǹkì lu òǹtẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ́fírẹ́ǹsì. Báwo ni mo ṣe máa kọ ìwé ìbéèrè náà, ta ni mo sì máa kọ ọ́ sí?"

Àbúrò, máníjà ẹ̀ka tí o ti ṣí àkáǹtì rẹ ni o máa kọ ọ́ sí. Báǹkì ló máa wá kọ tiwọn sí àwọn tó ń fúnni ní físà. Ìwé tìrẹ kò le rárá: kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà àkáǹtì, buwọ́ lù ú bó ṣe wà lọ́dọ̀ wọn, kí o mú páásípọ́ọ̀tì dání. Ohun tí báǹkì máa kọ padà fún ọ ni kí o fọkàn sí.

Èmi bá wọn fà á dé ibi tó yẹ kó dé. Mo béèrè lẹ́tà, wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó ń dán. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà àwọn ni mí, pé mo ń lo àkáǹtì mi dáadáa, pé owó inú rẹ̀ jẹ́ "oní-fígọ̀ mẹ́jọ". Ó tán. Kò sí iye owó, kò sí ọjọ́ tí wọ́n wo owó náà. Mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, fígọ̀ mẹ́jọ ni. Mílíọ̀nù àádọ́rùn-ún, fígọ̀ mẹ́jọ náà ni. Kí ni ẹni tó jókòó sí ìlú ọba fẹ́ fi èyí ṣe? Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kí o jẹ́ olówó, ohun tó ń béèrè ni iye kan pàtó. Tí iye yẹn kò bá hàn nínú ìwé, bí ẹni pé o kò ní in ni.

Mo dá lẹ́tà náà padà. Ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́ inú ẹ̀ka ní bí olú iléeṣẹ́ àwọn ṣe fún àwọn nìyẹn, àwọn kò lè yí i padà, gbogbo èèyàn ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí ohùn tó fi sọ ọ́. Ṣé òun ni wọ́n máa dá físà tiẹ̀ padà ni? Mo ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀, ó ní àṣírí oníbàárà ni. Àṣírí ta ni? Èmi tí mo ni owó ni mo ń béèrè! Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà níkẹyìn ni pé mo tẹ ojú ìwé kan jáde láti gov.uk, ìkànnì ìjọba ìlú ọba, mo fi ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ka ohun tí lẹ́tà báǹkì gbọ́dọ̀ ní, mo so ó mọ́ ìwé ìbéèrè tuntun, mo sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé àwọn ti gbà á sí ẹ̀dà tèmi. Nígbà tí òǹtẹ̀ yẹn ti wà lórí ẹ̀dà ọwọ́ mi, ohun tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ di ṣíṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ owó lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n tún yọ owó èkejì, inú àkáǹtì kan náà sì ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nítorí náà, má kàn kọ pé "mo fẹ́ lẹ́tà rẹ́fírẹ́ǹsì". Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni o máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Sí máníjà. Èmi ni mo ni àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí. Mo ń wá físà akẹ́kọ̀ọ́ sí ìlú ọba. Mo ń béèrè sítéètìmẹ́ǹtì láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ báǹkì lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo tún ń béèrè lẹ́tà lórí ìwé báǹkì tó ní orúkọ àti àmì yín, tí ó máa sọ orúkọ mi bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tì, nọ́ńbà àkáǹtì mi, ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà, àti iye owó tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú náírà àti kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye náà gan-an, kì í ṣe iye fígọ̀ rẹ̀."

Ìyẹn ti tó. Fi ẹ̀dà ojú ewé páásípọ́ọ̀tì tó ní àwòrán rẹ tì í.

Ọjọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, kò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n béèrè lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ náà parí sí, o ní ọjọ́ 31 láti fi ìwé físà sílẹ̀. Ká ní sítéètìmẹ́ǹtì rẹ parí sí ọjọ́ 10 oṣù keje. Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni owó náà gbọ́dọ̀ ti pé, o sì gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ ó pẹ́ tán ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ. Tí báǹkì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó lé ìwé rẹ, inú ọjọ́ 31 yẹn ni wọ́n ti ń jẹun. Tètè lọ.

Má ṣe fi iye náà gẹ́lẹ́ síbẹ̀ o. Báǹkì ń yọ owó alẹ́ẹ̀tì, ó ń yọ owó káàdì, owó lẹ́tà yìí náà ń bọ̀. Tí owó bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta náírà péré ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ 28 rẹ ti já nìyẹn, ó di kí o bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Náírà fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Iye pọ́n-ùn tó wà lórí OANDA, ìkànnì tó ń sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó, ní ọjọ́ tí o fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò. Ká ní £15,000 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, tí pọ́n-ùn kan sì jẹ́ ₦2,000, mílíọ̀nù 30 náírà ló máa tó. Tó bá gun ₦2,100 kí o tó fi ìwé sílẹ̀, ó ti di mílíọ̀nù 31 àti ààbọ̀, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ sì ti dín lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o ná kọ́bọ̀. Fi ohun tó máa bo irú èyí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí owó bá wà nínú àkáǹtì bàbá tàbí ìyá rẹ, àwọn ni báǹkì máa kọ lẹ́tà fún. Wàá wá fi ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ tì í, àti lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn yọ̀ǹda owó náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ti ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àǹtí máa wọlé. Kò wọlé. Àwọn tó sì ń ya owó fún èèyàn kó lè fi hàn, tí wọ́n á gba èlé, jìnnà sí wọn. Àwọn tó ń fúnni ní físà lè kọ̀wé sí báǹkì láti yẹ ìwé rẹ wò, wọ́n á rí ibi tí owó ńlá ti balẹ̀ lójijì.

Nítorí àyẹ̀wò yẹn náà, rí i pé nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tó wà lórí lẹ́tà jẹ́ èyí tí ẹnì kan ń dáhùn. Kí o tó kúrò níwájú wọn, tẹ nọ́ńbà náà lórí fóònù rẹ, wò ó bóyá ó máa dún lórí tábìlì wọn. Mo ṣe é níṣojú wọn, ojú wọn korò, àmọ́ wọ́n yí nọ́ńbà náà padà.