Èsì: Míìtì páì àti sàmósà tó ń bẹ́ nínú òróró

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí míìtì páì mi ń bẹ́ tí mo bá ń dín in, tí sàmósà náà sì ń mu òróró bíi kànìnkànìn?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ṣì gbóná tàbí tó lómi lára nígbà tẹ́ ẹ ń dì í, omi yẹn á di oru nínú òróró, oru ọ̀hún á wá ọ̀nà jáde, ibi tó bá tín-ínrín jù ló máa là. Èmi máa ń sè é títí tí mo bá fi ṣíbí la àárín ìkòkò, tí omi kankan ò ní ṣàn padà síbẹ̀, màá wá tẹ́ ẹ sínú tírè kó tutù pátápátá. Ẹ má kì í kún jù o, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó pa etí ẹ̀ dé. Ti sàmósà, ẹ fi fúláwà tẹ́ ẹ fomi pò kó ki lẹ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ihò bíńtín níbẹ̀ ni òróró ń gbà wọlé.

Òróró wá ńkọ́? Ẹ ju ègé fúláwà pípò bíńtín sí i. Tó bá jókòó sísàlẹ̀, kò tíì gbóná, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó mu òróró. Tó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù, ara á pọ́n inú á ṣì tutù. Kó máa hó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kó sì rọra léfòó, ìyẹn ló dáa. Mẹ́ta mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa dà sí i lẹ́ẹ̀kan, torí tó bá pọ̀ jù òróró á tutù lójijì.