Ọmọ ọdún 47 tó fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀: àbámọ̀ wo ló wúwo jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 47 ni mí, ọdún 21 ni mo sì ti lò nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń kan àga àti tábìlì tà, èrè ibẹ̀ sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìnáwó ilé wa. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn. Owó tó wà nípamọ́ lè gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù 10. Owó oṣù ìyàwó mi ń gbé ìdajì bùkátà náà. Bí mo bá dúró di ọdún 50, owó ìfẹ̀yìntì mi á pé. Bí mo bá lọ ṣáájú, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa fún mi. Ẹnì kan ní kí n ronú bí ẹni tó ti di ọdún 80, kí n wo ohun tí màá kábàámọ̀. Mo rò ó, ọkàn mi ní kí n lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lé ẹ̀rù yẹn lọ, ó ní ohun tó ń sọ.

Jeff Bezos ló sọ ìbéèrè ọdún 80 yẹn di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 1994, ó fi iṣẹ́ olówó gidi sílẹ̀ ní New York láti lọ dá Amazon sílẹ̀, ó sì ní bí òun ṣe ń wo ara òun ní ẹni ọdún 80 ló jẹ́ kí òun mọ èyí tí òun máa ṣe. Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, kò tíì bímọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú, ó ṣì lè padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀. Àwọn tó bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn gan-an, tí wọ́n lọ, tí wọ́n sì gbé e ṣubú, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n wá sọ ìtàn.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Thomas Gilovich àti Victoria Medvec, fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn ní 1995 pé ohun tí èèyàn ṣe tí kò yọrí sí rere ló máa ń dùn ún jù láìpẹ́ sí ìgbà tó ṣe é, àmọ́ tó bá wo ẹ̀yìn láti òkèèrè, ohun tí kò ṣe rárá ló máa ń dùn ún jù. Èyí ni pé ẹni ọdún 80 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ pé “lọ” ní gbogbo ìgbà. Owó ilé oṣù tó ń bọ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi ẹlòmíì kún un: ẹ̀yin fúnra yín, ní oṣù 18 lẹ́yìn tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

N kò ṣàdédé mú oṣù 18. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní irinṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù jẹ ìnáwó oṣù 4 nínú owó tó wà nípamọ́. Ó ku oṣù 6. Ìyàwó yín ń gbé ìdajì, ẹ̀yin ni ẹ máa wá ìdajì kejì. Ẹ má ka èrè káfíńtà kún un fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, torí èrè tí ẹ ń rí báyìí, kò sí owó ṣọ́ọ̀bù nínú ìṣirò rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ojúlùmọ̀ ló pọ̀ nínú àwọn oníbàárà yín. Oṣù mẹ́fà yẹn á jẹ ìnáwó oṣù 3. Lẹ́yìn náà, bí èrè bá padà sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀yin á máa fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un lóṣooṣù, ìnáwó oṣù 3 tó ṣẹ́ kù á sì gbé yín fún ọdún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 18. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò gbẹ.

Ó wá kan àbámọ̀. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àwa ń fà á wá síwájú ni. Ẹ fún un ní nọ́ńbà, láti 0 tí kò dùn yín rárá dé 10 tó dùn yín jù, lójú ẹ̀yin tó ti di ẹni ọdún 80 àti ẹ̀yin ní oṣù 18 lẹ́yìn tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tèmi tí mo fẹ́ kọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá lọ, tí ọjà ò tà: ẹni ọdún 80 lè pè é ní 3, ẹni oṣù 18 á pè é ní 8. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀ títí, tó sì jẹ́ pé ọjà ì bá tà: ẹni oṣù 18 á ní 2, ẹni ọdún 80 á ní 9. Ìdí nìyí tí ọkàn yín fi ń fà síbí fà sọ́hùn-ún. Àwọn méjì tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kò sí ní àkókò kan náà, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ní 1951, Leonard Savage, onímọ̀ ìṣirò, dá ìlànà kan: ẹ wo àbámọ̀ tó ga jù lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ọ̀nà tí èyí tó ga jù níbẹ̀ bá kéré jù. Lílọ nísinsìnyí jẹ́ 8, jíjókòó títí jẹ́ 9. Wọn ò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà tí ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín: kí ẹ dúró di ọdún 50, kí ẹ máa fi èrè òpin ọ̀sẹ̀ ra irinṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá lọ. Bí ọjà bá tà, ọdún mẹ́ta tí ẹ fi pẹ́ á dùn yín, bíi 4. Bí kò bá tà, owó ìfẹ̀yìntì yín pé, bíi 3. Ní tèmi o, ọ̀nà yìí ló borí.

Ẹ wo ohun tó sọ ìkùnà di 8. Kì í ṣe àga tí ẹnikẹ́ni ò rà. Owó ìfẹ̀yìntì tó já sí díẹ̀ ni, àti ọ̀nà láti padà sídìí iṣẹ́ oṣù tó ti dín. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ lọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ fún yín lésì lórí ìwé pé ọjọ́ wo gan-an ni owó náà á pé, ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò ni tàbí iye ọdún iṣẹ́, àti iye tí ẹ máa pàdánù. Bí ohun tí ẹ máa pàdánù kò bá ju ìnáwó oṣù mélòó kan lọ, 8 yẹn lè di 3, èmi náà á sì ní kí ẹ máa palẹ̀ mọ́. Ẹ tún bi ẹni méjì tó ń gba oníṣirò owó síṣẹ́ bóyá wọ́n á gba ẹni ọdún 49 tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjì.

Ewu ọ̀nà kẹta ni pé ó lè di ìjókòó títí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ àmì sílẹ̀ nísinsìnyí. Nígbà tí ẹ bá fi pé ọdún 49, ó yẹ kí àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí ju ìdajì àwọn oníbàárà yín lọ, kí èrè yín sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó ilé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iye tí ṣọ́ọ̀bù ì bá gbà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọjà ló ń fún yín lésì yẹn. Bó bá tó, tí ẹ sì tún ń wá ìdí míì láti sún un síwájú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó.

Kí ìyàwó yín kọ nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó tó rí tiyín. Ibi tí tiyín àti tirẹ̀ bá ti fi ju 3 lọ jìnnà síra, ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.