Bí kòkòrò nimóníà ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ sójà ara

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Kí ló dé tí sójà ara rẹ̀ ò fi lè gbé kòkòrò nimóníà mì?

Ẹ̀wù tí kòkòrò náà wọ̀ ni. Àwọn purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, kọ́ńpílímẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, C3b, máa ń lẹ̀ mọ́ bakitéríà. Òun ni sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn sójà ara, máa ń dì mú kó tó gbé e mì. Àmọ́ kòkòrò yìí fi ṣúgà tó nípọn, tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, bo ara. C3b lẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀wù ló há sí, ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun ò tó o.

Ọlọ inú, lápá òsì ikùn, ló máa ń sẹ́ irú kòkòrò ẹlẹ́wù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 5. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń jẹ́ kí ara pèsè èròjà tó lè lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀wù náà gan-an, kí C3b lè wà níta. Ẹ má jẹ́ kó fo abẹ́rẹ́ yẹn o. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná dé 38.5, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la.