Fọ́tò Páálí Kò Tó Fi Mọ Ojúlówó Oògùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apoògùn wa. Ẹnì kan fẹ́ ta oògùn ibà fún mi, ó sì fi fọ́tò páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Páálí náà mọ́ tónítóní, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, àmì kan tó ń dán yanranyanran sì wà níbẹ̀. Ṣé mo lè tipa fọ́tò yìí mọ̀ pé ojúlówó ni? Kí ni kí n tún yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Rárá o. Fọ́tò lè tú àṣírí ayédèrú, àmọ́ kò lè dá oògùn kankan láre. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ṣi orúkọ oògùn kọ, tàbí pé wọ́n ha ọjọ́ kan kúrò tí wọ́n sì tẹ òmíràn lé e, ẹ má rà á. Bí ẹ ò bá sì rí àléébù kankan, ohun tí ẹ mọ̀ ò ju pé ẹni tó tẹ páálí náà mọṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ. A ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá páálí tí wọ́n yà yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí àmì tó ń dán yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, wọ́n lẹ irú àmì bẹ́ẹ̀, ìyẹn hólógíràmù, mọ́ káàdì oògùn ibà tó ń jẹ́ atẹsunéètì kí àwọn aláyédèrú má baà lè ṣe é. Àwọn yẹn náà sì ṣe tiwọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008, irú hólógíràmù ayédèrú tí wọ́n kà ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n bá parasitamọ́ọ̀lù nínú àwọn oògùn kan níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn: parasitamọ́ọ̀lù máa ń jẹ́ kí ara tútù, aláìsàn á rò pé ara òun ti ń yá, kòkòrò ibà á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn míì, wọ́n fi ojúlówó bíńtín sí i, èyí tí kò lè wo ibà sàn, àmọ́ tó lè tan ẹni tó ń fi àyẹ̀wò kékeré dán an wò.

Ó dìgbà tí páálí bá dé ọwọ́ yín kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní nọ́ńbà báàṣì, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó wà lára páálí ni 4C117, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé yóò kọjá lílò ní oṣù kẹjọ ọdún 2027. Ẹ fa káàdì oògùn yọ, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 4B902 ló wà níbẹ̀, tàbí tí ọjọ́ wọn ò dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kó káàdì mìíràn sínú páálí tó ṣófo. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é: ṣé ẹ ṣe báàṣì 4C117? Mílígíráàmù mélòó ni? Hóró mélòó ló wà nínú páálí kan? Bí wọ́n bá ní mílígíráàmù 40 làwọn fi sí i, tí 80 sì wà lára tiyín, irọ́ ti já. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ bára mu, ẹ rántí pé nọ́ńbà ojúlówó kan ṣoṣo ṣeé tẹ̀ sára ẹgbẹ̀rún páálí ayédèrú.

Ìdí nìyí tí kóòdù tí à ń ha lára páálí, tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni oògùn, fi dáa díẹ̀ ju nọ́ńbà lásán lọ, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé ẹlòmíì ti lo kóòdù yẹn rí, ẹ dá oògùn náà dúró. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí ẹ máa fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí, ẹ gbà á lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó oògùn ní orílẹ̀-èdè yín, ẹ má lo èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Ẹni tó lè tẹ páálí lè tẹ nọ́ńbà tara rẹ̀ síbẹ̀, kó sì máa dá yín lóhùn fúnra rẹ̀.

Èyí tí èmi kà sí jù ni ọwọ́ tí oògùn gbà kọjá. Ṣé ẹni tó ń tà á ní ìwé àṣẹ? Ṣé yóò fún yín ní rìsíìtì tí nọ́ńbà báàṣì wà lára rẹ̀? Ṣé ó lè sọ ibi tóun ti rà á? Ojúlówó pàápàá máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ tó gbóná tàbí sínú oòrùn, kò sì ní hàn lára páálí rárá.

Bí ẹ bá ti lo irú rẹ̀, tí ibà náà ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí aláìsàn ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tí gìrì mú un tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ kó páálí àti hóró tó kù dání lọ fún dókítà, torí yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.