Ibi tí òfin àgbáyé ti di pọ́pì, kóká àti igbó mú

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní òfin àgbáyé ti ka igi ópíọ̀mù, kóká àti igbó léèwọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń wọ́n kóró pọ́pì sórí búrẹ́dì, tí àwọn kan sì ń fi igi igbó ṣe okùn? Kí gan-an ni òfin mú, ìgbà wo ló sì mú un?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Apá kan lára ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan ni òfin ń lé, apá yẹn kò sì rí bákan náà. Lára pọ́pì, oje funfun ni. Bí èèyàn bá fi abẹ ya ara èso rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, oje náà á sun jáde, á sì dì. Òun ni ópíọ̀mù, inú rẹ̀ ni mọ́fíìnì, oògùn tó ń pa ìrora, wà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí oògùn olóró ní 1961 kò ka kóró mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí kóró lórí búrẹ́dì. (Oje lè ta sára kóró nígbà ìkórè o, débi pé bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ wò, mọ́fíìnì lè hàn níbẹ̀.) Lára kóká, ewé ni wọ́n mú, torí inú rẹ̀ ni kokéènì ti ń wá. Lára igbó, orí tó yọ òdòdó tàbí èso ni, pẹ̀lú oje tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ tí wọ́n ń fi ṣe háṣíìṣì. Kóró igbó kò sí níbẹ̀. Ewé tí kò bá orí rẹ̀ rìn kò sí níbẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máà jẹ́ kí wọ́n ṣì í lò. Ẹni tó sì gbin igbó nítorí okùn ara rẹ̀ tàbí kóró rẹ̀, òfin oko inú àdéhùn náà kò kàn án.

Ìgbà tó mú wọn wá ńkọ́? Èbúté ni òfin ti bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dé oko. Ní 1909, orílẹ̀-èdè 13 pàdé ní Ṣáńgáì lórí ọ̀rọ̀ ópíọ̀mù, wọ́n sọ̀rọ̀, wọn kò so ara wọn mọ́ ohunkóhun. Ní oṣù Kìíní 1912 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Hégì, ópíọ̀mù, mọ́fíìnì, hẹ́róìnì àti kokéènì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi parí. Àdéhùn àlàáfíà Fásáì ti 1919 ló yanjú ìyẹn: wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí àlàáfíà ti fọwọ́ sí ti Hégì náà. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Síbẹ̀, ihò kan ṣì wà. Ilé iṣẹ́ apoògùn lè ṣe mọ́fíìnì tó bá wù ú, kó sì kó o lọ síbi tí òfin kò ti le. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Jẹ̀nífà ní oṣù Kejì 1925 ló dí ihò yìí, ìwé méjì ló sì fi dí i. Ká ní ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kó kílò 10 mọ́fíìnì wọlé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìkówọlé lọ́wọ́ ìjọba tirẹ̀, ìwé tó sọ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà. Olùtajà á gbé ìwé yìí lọ bá ìjọba tiẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ ìkójáde. Ẹ̀dà kan á bá ẹrù lọ, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ ìjọba tó ń retí ẹrù. Nígbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀, ìjọba yẹn á kọ ìwọ̀n tó wọlé gan-an sí àṣẹ ìkójáde, á sì dá a padà. Bí 10 bá jáde tí 8 padà wá lórí ìwé, kílò méjì ti já bọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n sì mọ ọ̀nà tó já bọ́ sí. Bí ìwé kò bá padà rárá, ó lè jẹ́ pé ayédèrú ni àṣẹ ìkówọlé tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn.

Níbi àpérò Jẹ̀nífà yìí kan náà ni igbó ti wọlé. Aṣojú Íjíbítì, Mohámẹ́ẹ̀dì Ẹl-Gíndì, ló gbé ọ̀rọ̀ háṣíìṣì dìde, ó ní kí wọ́n fi í sí ipò kan náà pẹ̀lú ópíọ̀mù. Ohun tó rí gbà kò tó ohun tó béèrè. Wọ́n gba pé kí oògùn olómi tí wọ́n fi igbó ṣe wà lábẹ́ òfin, kí wọ́n má sì kó oje igbó lọ sí ilẹ̀ tó ti kà á léèwọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe lóko rẹ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ní 1931 wọ́n tún fi kún un pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa sọ ṣáájú iye oògùn tí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa lò lọ́dún, kí ilé iṣẹ́ má sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Niú Yọ́ọ̀kì ní 1961 ló kó gbogbo èyí pọ̀, òun ló sì mú kí ọ̀rọ̀ oko le. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ gbin pọ́pì fún ópíọ̀mù gbọ́dọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀. Iléeṣẹ́ yìí ló ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n lè gbìn ín sí, òun ló ń fún àgbẹ̀ níwèé àṣẹ. Gbogbo ìkórè ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó fún un, kó sì tó pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìkórè, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti rà á, kó sì ti gbà á sọ́wọ́. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi lé kóká àti igbó lórí.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọwọ́ àgbẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń ya èso lọ́sàn-án, wọ́n á sì ha oje tó ti dì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú lásán kò lè wo oko kó mọ iye oje tó jáde, nítorí náà ó rọrùn láti fi díẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi máa ń dá iye tó kéré jù tí hẹ́kítà kan gbọ́dọ̀ mú wá. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó o lè pàdánù àṣẹ ọdún tó ń bọ̀. Tọ́kì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dá ọ̀gbìn náà dúró ní 1972, nígbà tí wọ́n sì tún gbà á láyè ní 1974, wọn kò jẹ́ kí àgbẹ̀ ya èso mọ́. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á já a, ilé iṣẹ́ á sì fa mọ́fíìnì jáde lára pòròpórò àti èèpo gbígbẹ, bí apoògùn kan, Jánọ́ṣì Kábáì, ti fi hàn ní Họ́ngárì ní nǹkan bí 1930. Kò sí oje lóko, kò sí ohun tí àgbẹ̀ máa fi pamọ́ nílé.

Kóká ni kò bá wọn lọ. Àdéhùn 1961 fi ọdún 25 sílẹ̀ kí jíjẹ ewé kóká lẹ́nu tó dópin. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1964, nítorí náà 1989 ni ọjọ́ pé. Ọjọ́ pé, àwọn ará òkè Áńdíìsì ní Pẹrúù àti Bòlífíà kò sì dẹ́kun. Bòlífíà kò yéé jẹ ẹ́ títí ó fi jáde kúrò nínú àdéhùn náà ní 2012, ó sì padà wọlé ní 2013 lórí pé àwọn èèyàn rẹ̀ á máa jẹ ewé wọn lọ nílé.